Ó fẹ́ kọ "mo gbà" lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ náà wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tí wọ́n kọ ọ́ sí pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbà mí o! Mo ti kọ èsì, ẹ ṣáà bá mi wò ó bóyá mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ kí n tó fi ránṣẹ́." Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó sórí àga iṣẹ́ tuntun. Mo ti rí i tó pé, bí ẹnì kan bá ní kí n yẹ èsì òun wò, lẹ́tà tó ń fèsì sí gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ kà. Mo ní kó fi méjèèjì ránṣẹ́.

Akáǹtì ni. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ń san 390,000 fún un lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. (Mi ò ní sọ irú owó tó jẹ́, torí pé àlàfo tó wà láàárín iye kan àti èkejì ni ọ̀rọ̀ wà.) Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5, olórí ẹ̀ka ìṣúná ilé iṣẹ́ tuntun náà ti pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn fẹ́ ẹ, pé owó jẹ́ 450,000 lóṣù, pé ọ̀dọ̀ òun ni yóò wà, àti pé kó wá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ gbogbo ohun tó rántí sórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ìpè náà wọlé, èyí tó ṣì wà nínú fóònù rẹ̀.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ náà kò ju ojú ewé méjì lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni gbólóhùn yìí: "Àpapọ̀ ohun tí a ó ná lórí yín lọ́dún jẹ́ 5,400,000." Bí èèyàn bá pín in sí 12, 450,000 ló máa rí. Òun náà ti pín in, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀. Àmọ́ lójú ewé kejì, wọ́n to ohun tó wà nínú àpapọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: owó oṣù méjìlá, owó oṣù kẹtàlá tí wọ́n máa ń san ní ìparí ọdún, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sínú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, àti 75,000 fún adójútòfò ìlera. Iye owó oṣù fúnra rẹ̀ kò sí níbì kankan nínú lẹ́tà náà.

A mú ẹ̀rọ ìṣirò. Yọ 75,000 kúrò nínú 5,400,000, ó ku 5,325,000. Inú èyí ni oṣù 13 wà, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá owó oṣù 12, tó jẹ́ oṣù kan àti díẹ̀. Bí a bá ro ó pọ̀, ó jẹ́ owó oṣù kan lọ́nà 14.2. A pín in: 375,000.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ tó fẹ́ torí rẹ̀ fi èyí tó ní sílẹ̀ máa dín owó tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lóṣooṣù kù pẹ̀lú 15,000.

Ibi méjì mìíràn tún wà. Lẹ́tà náà ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn rẹ̀ níbi tó wà ní kó fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ. Kódà ká ní ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò lè ṣeé ṣe. Ibì kejì sọ pé: "Ẹ ó máa jábọ̀ fún máníjà tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́, tàbí ẹlòmíràn tí ilé iṣẹ́ bá yàn." Kì í ṣe olórí ẹ̀ka ìṣúná tó pè é. Nísàlẹ̀ pátápátá, gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ìgbanisíṣẹ́ náà dúró lórí kí ìjẹ́rìí àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó tíì pe ọ̀kan nínú wọn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

Èsì tó ti kọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo gba gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yín tọwọ́tẹsẹ̀." Ká ní ó fi ránṣẹ́ ni, 375,000, ọjọ́ 1 àti máníjà yẹn ló gbà. Ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, torí pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé tó sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìpè náà ló máa ní láti fi ẹ̀rí hàn.

Inú bí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi èsì mìíràn ránṣẹ́ sí mi: "Mo gba iṣẹ́ yìí, tí owó oṣù bá máa jẹ́ 450,000, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20, tí olórí ẹ̀ka ìṣúná bá sì jẹ́ ọ̀gá mi." Èyí ló dẹ́rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì tètè pè é padà kó má bàa fi ránṣẹ́.

Lójú rẹ̀, ó ti gba iṣẹ́ náà. Lójú òfin àdéhùn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó ti kọ̀ ọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n máa fi ń kọ́ èyí ni èyí tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840, láàárín Hyde àti Wrench. Wrench fẹ́ ta oko rẹ̀ ní 1,000 pọ́ùn. Hyde ní òun máa san 950. Wrench kò gbà. Hyde wá yí ohùn padà, ó ní kò burú, òun á san 1,000 náà. Ilé ẹjọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́: ọjọ́ tó ti dá iye tirẹ̀ lé e ni ohun tí Wrench fi lọ̀ ọ́ ti kú, kò sì sí ohun tó kù fún un láti gbà mọ́. Ìwé òfin aráàlú ilẹ̀ Jámánì, ní abala 150, sọ ohun tó jọ ọ́: bí o bá gbà, tí o sì yí nǹkan padà nínú rẹ̀, o ti kọ̀ ọ́, o sì ti gbé àbá tuntun kalẹ̀. Lẹ́tà "mo gbà, tí ẹ bá" tí akáǹtì wa kọ yìí máa sọ ilé iṣẹ́ náà di òmìnira láti pe ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, láìjẹ̀bi.

Àmọ́ ẹjọ́ mìíràn wà, ti 1880, láàárín Stevenson àti McLean, lórí irin. Ẹni tó fẹ́ rà á fi wáyà béèrè bóyá ẹni tó ń tà á lè gbà kí àwọn máa kó o díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán nìyẹn, kì í ṣe kíkọ̀, ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ṣì wà láàyè, ó sì lè gbà á lẹ́yìn náà. Àlàfo tó wà láàárín "tí ẹ bá" àti "ṣé ẹ lè" la gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú yẹn kò fi gba iṣẹ́, tí kò sì kọ̀ ọ́:

"Ẹ ṣé fún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 9. Iṣẹ́ náà wù mí, mo sì fẹ́ fèsì kí àsìkò tí ẹ dá tó pé. Kí n tó fèsì, mo fẹ́ béèrè ohun mẹ́ta. Èló ni owó oṣù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ owó orí? Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ láti inú àpapọ̀ ọdún, 375,000 ni mo rí, àmọ́ 450,000 ni mo gbọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ 5. Ibi tí mo wà máa gba ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù tó ń bọ̀? Ta ni yóò máa ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ mi, tí yóò sì máa fọwọ́ sí ìsinmi mi: olórí ẹ̀ka ìṣúná ni, àbí máníjà tí lẹ́tà yín dárúkọ? Mo béèrè kó lè yé mi ni. Mi ò kọ ohun tí ẹ fi lọ̀ mí."

Ó kọ́kọ́ ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ó fẹ́ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n á gbé e jókòó, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n máa ń ránni lọ. Mo ní kó yọ wọ́n. Ẹni tó bá rí ìbéèrè mọ́kànlá á dáhùn mẹ́fà tó rọrùn, á sì fi èyí tó le sílẹ̀. Ìbéèrè nípa ọ̀gá náà, mo ní kó má ṣe béèrè "ta ni mo máa jábọ̀ fún" lásán, torí pé wọ́n á dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ lọ́dọọdún, tó sì ń fọwọ́ sí ìsinmi rẹ, ni ọ̀gá rẹ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí àtẹ ilé iṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, arábìnrin tó wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pè é, ohùn rẹ̀ sì tuni lára. Olórí ẹ̀ka ìṣúná kò purọ́, ó ní: àpapọ̀ ọdún ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ti pín in sí 12. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, wọ́n lè gbé owó oṣù dé 425,000, kí àwọn tó kù wà lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ 20 kò ní wọn lára. Ní ti ọ̀gá, lẹ́tà ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú ni wọ́n dà kọ. Máníjà yẹn ló máa ń pín iṣẹ́ ojúmọ́, àmọ́ olórí ẹ̀ka ìṣúná ni ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé: "Ẹ ṣáà fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí àsìkò má bàa kọjá. A ó tún un ṣe tó bá yá."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yí. Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó ní èèyàn dáadáa ni obìnrin náà, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ṣòro kí òun tó wọlé. Mo gbà pé èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣèlérí yìí lè lọ fún ìsinmi lọ́jọ́ Ajé, ìwé tó ní ìbùwọ́lùwé nísàlẹ̀ ni ẹni tó bá jókòó sípò rẹ̀ á sì bá. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà pé wọ́n lè bínú. A jọ sọ ọ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ohun tí a fẹnu kò sí kò le rárá. Kí wákàtí náà tó pé, ó kọ ímeèlì kúkúrú sí arábìnrin náà, ó dúpẹ́ fún ìpè rẹ̀, ó to ohun mẹ́ta tí wọ́n sọ bí ó ṣe gbọ́ ọ, ó sì parí rẹ̀ pé: "Ní kété tí lẹ́tà tó gbé èyí bá ti dé, mo máa fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà." Kò sí "ẹ gbọ́dọ̀", kò sí "láìjẹ́ bẹ́ẹ̀". Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kọjá láìsí èsì. Ó tún kọ gbólóhùn méjì, ó ní níwọ̀n bí lẹ́tà tuntun kò tíì dé, ṣé wọ́n lè sún àsìkò ìdáhùn dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ: ohun tí wọ́n fi lọ̀ni tó ní àkókò máa ń parí fúnra rẹ̀ tí àkókò náà bá pé, bí ìjíròrò tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, wọ́n dáhùn: ó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16.

Lẹ́tà tuntun dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15. A kà á bí ẹni tí kò rí ti tẹ́lẹ̀ rí. Owó oṣù 425,000 ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀. Ọjọ́ 20 wà níbẹ̀. Olórí ẹ̀ka ìṣúná ló wà níwájú ọ̀rọ̀ ìjábọ̀, àmọ́ "tàbí ẹlòmíràn tí ilé iṣẹ́ bá yàn" ṣì tẹ̀ lé e. Wọn ò ní yọ ìyẹn, mi ò sì rí ilé iṣẹ́ tó máa ń yọ ọ́. Wọ́n kàn fi kún un pé bí ó bá yí padà, àwọn á fi tó o létí ní kíkọ. Ó tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 16 ló wá gba iṣẹ́ náà:

"Mo gba iṣẹ́ akáǹtì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú lẹ́tà yín ti ọjọ́ 15, tí mo ti fọwọ́ sí, tí mo sì so mọ́ èyí. Gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà náà ṣe sọ, owó oṣù mi jẹ́ 425,000 kí ẹ tó yọ owó orí àti ìdá tèmi nínú owó ìfẹ̀yìntì. Owó oṣù kẹtàlá, ìdá ti ilé iṣẹ́ àti adójútòfò ìlera wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù tó ń bọ̀, ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ìṣúná ni mo máa jábọ̀ fún. Mo máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí mo wà ní kété tí ẹ bá jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ti parí. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ lè pé ṣáájú ọjọ́ 20, ó yẹ kí n gbọ́ kí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19, tó tán. Ẹ ṣé púpọ̀."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Mo gba" dá dúró nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kò sí "tí" kankan tó so mọ́ ọn. Ohun tó tẹ̀ lé e ń tún ohun tí lẹ́tà ọjọ́ 15 sọ sọ ni, kò fi ohun tuntun kún un. Ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí náà kì í ṣe májẹ̀mú tirẹ̀. Tiwọn ni, ó kàn sọ ohun tí òun máa ṣe àti ìgbà tí òun máa ṣe é. Ipò ló dárúkọ, kò dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ kò sì ṣàdédé wá: tó bá fiwé sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì 19, ọgbọ̀n ọjọ́ á pé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù tó tẹ̀ lé e, á sì wọlé sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18, ni wọ́n kọ̀wé pé ìjẹ́rìí ti parí. Lọ́jọ́ kejì ló fiwé sílẹ̀ níbi tó wà.

Ohun tí mo gbàgbé hàn ní ìparí oṣù àkọ́kọ́. Oṣù náà ní ọjọ́ 31, ọjọ́ méjìlá ló sì fi ṣiṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kó rí nǹkan bí 164,500 kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ohun tó rí lórí ìwé owó oṣù kò tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 145,200 ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fura, torí pé oṣù tí kò pé máa ń dàrú lójú. Ó pín in sí 12, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 31, ó bá nǹkan bí 375,000. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní èkejì. Ó fi lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà rẹ̀ àti èyí tó fọwọ́ sí ránṣẹ́ láìsí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìyókù kún owó oṣù tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ní kí wọ́n fi ìlà kan kún lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún àwọn tó ń san owó oṣù ní ẹ̀dà lẹ́tà ọjọ́ báyìí, kí wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò."

Ní ti ọ̀gá, lóṣù kẹta, máníjà yẹn sọ fún un pé ìsinmi tó béèrè kò ṣeé ṣe. Ó fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun ti béèrè lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka ìṣúná gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà òun ṣe sọ, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Ó lọ ìsinmi rẹ̀. Lóṣù kẹjọ, olórí ẹ̀ka ìṣúná fiṣẹ́ sílẹ̀, ímeèlì sì wọlé pé láti ọjọ́ Ajé, máníjà ni yóò máa jábọ̀ fún. Gbólóhùn "tàbí ẹlòmíràn" náà ni wọ́n lò, kò sì sí ohun tí lẹ́tà wa lè ṣe sí ìyẹn. Ó dáhùn ní ìlà mẹ́ta: mo ti gbọ́ nípa àyípadà náà; mo gbà pé owó oṣù mi àti ohun yòókù nínú lẹ́tà ọjọ́ 15 kò yí padà; ta ni yóò ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ tó ti kọjá, ṣé olórí tó ń lọ ni, kó tó lọ? Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, olórí ẹ̀ka ìṣúná jókòó, ó sì kọ àyẹ̀wò náà.